Bí a ṣe ń fi PivotTable kó ọ́dà oṣù jọ: ẹ̀ka ọjà lápá kan, ọ̀nà títà lápá kejì

Àwọn kan nínú yín ti ní kí n kọ nǹkan nípa Excel lédè Yorùbá, pé tí ẹ̀kọ́ bá ti dé orí PivotTable báyìí, ńṣe ni kíláàsì máa ń dákẹ́ lọ fee. Mi ò ní sọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ tán. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká fi ṣe: ká mú ọ́dà tí ọlọ́jà kan gbà láàárín oṣù mẹ́ta, ká mọ iye tí ẹ̀ka ọjà kọ̀ọ̀kan pa wọlé lóṣooṣù, ká sì mọ ọ̀nà tí owó ọ̀hún gbà wọlé.

Ọlọ́jà náà ni ìyá ọ̀kan nínú yín, tó ní ṣọ́ọ̀bù nínú ìlú níbí. Gàrí Ìjẹ̀bú, èlùbọ́ àti epo ló fi bẹ̀rẹ̀, kó tó fi ìkòkò àti abọ́ kún un, kó tó wá fi ọṣẹ dúdú, òrí àti ìpara kún un. Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà tà. Àwọn kan ń wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ń ránṣẹ́ lórí wasáàpù, ọlọ́kadà á sì gbé e lọ bá wọn nílé. Àwọn alágbàtà ń kó tiwọn lọ́pọ̀ láti lọ tún un tà. Ìyá yìí ti pinnu pé òun máa pa ti wasáàpù tì, nítorí ó ní owó ọ̀kadà ń jẹ òun lérè. Kó tó pa á tì ni wọ́n fún wa láyè láti tú ìwé ọjà náà wò. Mo ti yí iye owó inú rẹ̀ padà díẹ̀ o, kí n má baà tú àṣírí ọjà olówó.

Ìwé tí a ń kọ ọjà sí ló ṣe pàtàkì jù, torí bó bá ti rí ni tábìlì àkópọ̀ ṣe máa rí. Ìlà kan, ọjà kan. Bí oníbàárà kan bá ra gàrí àti ọṣẹ pọ̀, ìlà méjì nìyẹn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọ́dà kan náà ni a máa kọ sí méjèèjì. Orí òpó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Bí ọ̀kan bá ṣófo, Excel kò ní gbà láti ṣe tábìlì náà rárá. Ẹ má fi ìlà àròpọ̀ sáàárín, irú èyí tí àwọn ìyá wa máa ń fà sí ìparí ọ̀sẹ̀, torí tábìlì náà á tún un rò mọ́ ọn, owó á sì di ìlọ́po. Ẹ má sì ya oṣù kọ̀ọ̀kan sí ṣíìtì tirẹ̀. Gbogbo oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kó wà lójú kan, lọ́nà báyìí:

| Ọjọ́ | Nọ́ńbà | Ẹ̀ka | Ọ̀nà | Owó |
|---|---|---|---|---|
| 3-Feb-2025 | 214 | Oúnjẹ | Ṣọ́ọ̀bù | 6500 |
| 3-Feb-2025 | 215 | Ìpara | Wasáàpù | 4500 |
| 3-Feb-2025 | 215 | Oúnjẹ | Wasáàpù | 3000 |
| 4-Feb-2025 | 216 | Oúnjẹ | Alágbàtà | 38000 |

Ẹ wo ọ́dà 215 dáadáa. Ó ní ìlà méjì. A máa padà bá a níwájú, torí òun ló da ìṣirò ìyá yẹn rú.

Ẹ tún wo bí a ṣe kọ ọjọ́. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń lò níbí ni wọ́n ṣètò bíi ti Amẹ́ríkà láti ilé iṣẹ́ wọn, níbi tí oṣù ti ń ṣáájú ọjọ́. Bí o bá kọ 05/02/2025 sínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, tí o ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì lọ́kàn, ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ni òun máa gbọ́. Kò ní bá ọ jiyàn o. Bí o bá sì kọ 13/02/2025, kò sí oṣù kẹtàlá, nítorí náà á kàn gbà á bí ọ̀rọ̀ lásán. Bí a bá kọ ọ́ ní 3-Feb-2025, kò sí kọ̀ǹpútà tó máa ṣì í gbọ́ láàárín àwọn ètò méjèèjì.

Ó yá, ká wọ inú iṣẹ́. Tẹ ibì kan láàárín àkọsílẹ̀ náà, kí o wá tẹ Ctrl+T, kí o sì fara mọ́ ọn pé ó ní orí òpó. Èyí á sọ gbogbo rẹ̀ di tábìlì tó ń gùn fúnra rẹ̀ bí o bá ṣe ń kọ ìlà tuntun sísàlẹ̀. Nínú Table Design, ní Table Name, fún un lórúkọ. Èmi pè é ní Tita. Lẹ́yìn ìyẹn, fi òpó kan kún un ní apá ọ̀tún, kí orí rẹ̀ jẹ́ Oṣù, kí o sì kọ èyí sí àpótí àkọ́kọ́ lábẹ́ rẹ̀:

```
=TEXT([@Ọjọ́],"yyyy-mm")
```

Kò pọn dandan kí o fọwọ́ tẹ orúkọ òpó náà. Bí o bá ti kọ `=TEXT(` tán, tẹ àpótí ọjọ́ tó wà lórí ìlà kan náà, Excel á kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Gbogbo ìlà tó kù á kún. Oṣù Kejì á di 2025-02. Ọ̀nà mìíràn wà, ìyẹn kí a wọ́ Ọjọ́ fúnra rẹ̀ sínú tábìlì àkópọ̀, kí a sì lo Group láti fi kó àwọn ọjọ́ sí oṣù. Ó dára náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yan Months láìyan Years mọ́ ọn máa rí i pé oṣù Kìíní ọdún yìí àti ti èṣí ti dà pọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn òpó Oṣù. Àǹfààní mìíràn ni pé ó ń tú àṣírí ọjọ́ tí a kọ sódì: bí o bá rí 2025-08 nígbà tí oṣù Kẹjọ kò tíì pé, o mọ̀ pé ẹnì kan ti kọ 08 ṣáájú. Bí o bá sì rí odidi 13/02/2025 tó jókòó láàárín àwọn oṣù, ọ̀rọ̀ lásán nìyẹn, kì í ṣe ọjọ́.

Báyìí, tẹ ibì kan nínú Tita, lọ sí Insert, tẹ PivotTable, yan New Worksheet, kí o tẹ OK. Ṣíìtì tuntun á ṣí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ní apá ọ̀tún ni orúkọ àwọn òpó rẹ wà, àpótí mẹ́rin sì wà nísàlẹ̀ wọn: Filters, Columns, Rows àti Values. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ kò sì sí kinní kan níbẹ̀ ju bí a ṣe ń jókòó lọ. Ohun tó bá wọ Rows á tò láti òkè wá sísàlẹ̀. Ohun tó bá wọ Columns á tò láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ohun tó bá wọ Values ni a máa rò pọ̀ níbi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé. Wọ́ Oṣù sí Rows, wọ́ Ẹ̀ka sábẹ́ rẹ̀ nínú Rows kan náà, wọ́ Ọ̀nà sí Columns, kí o wá wọ́ Owó sí Values. Ó parí.

Ṣùgbọ́n ohun tó jáde nígbà àkọ́kọ́ kì í ṣe owó. Nọ́ńbà kéékèèké ni, bíi 61 àti 70, a sì kọ Count of Owó sókè. Ohun tó ń sọ ni pé ìlà 61 ló wà níbẹ̀, kì í ṣe náírà 61. Excel kì í dédé yan Count. Bí gbogbo òpó bá jẹ́ nọ́ńbà, Sum ló máa yàn. Bí ó bá rí ọ̀rọ̀ kan péré láàárín wọn, á ṣe bí ẹni pé kò mọ̀ wọ́n rò pọ̀, á kàn kà wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yára lọ sí Value Field Settings, wọ́n á yan Sum, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ tán. Kò tíì tán o! Àpótí tó ní ọ̀rọ̀ á di òdo nínú àròpọ̀ náà. Owó á dín, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Kódà bí o bá fi SUM yẹ̀ ẹ́ wò, iye kan náà ni wàá rí, torí SUM pẹ̀lú máa ń fo ọ̀rọ̀. Ohun tó ń tú u fó ni èyí, kọ ọ́ sí àpótí òfìfo kan:

```
=ROWS(Tita[Owó])-COUNT(Tita[Owó])
```

ROWS ń ka gbogbo ìlà, COUNT ń ka kìkì àwọn tó jẹ́ nọ́ńbà. Ìyàtọ̀ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Ti ìyá yìí jẹ́ 3. Ìlà 412 ni wọ́n kọ, 409 péré ló jẹ́ nọ́ńbà. A wá wọn kàn: ẹnì kan ti kọ «8000 náírà» sínú àpótí kan, ẹnì kan kọ ₦4,500 sí òmíràn, ẹ̀kẹta sì fi lẹ́tà O rọ́pò òdo nínú 5000. Ojú lásán kò lè rí ìkẹta yẹn rárá, àfi bí a bá wo apá tó fara tì: nọ́ńbà máa ń fara ti ọ̀tún àpótí, ọ̀rọ̀ ń fara ti òsì, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti fọwọ́ yí i. A tún wọn kọ, a fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ tábìlì àkópọ̀, a yan Refresh. A wá lọ yan Sum.

Ìyọnu kejì jẹ́ ti àwa Yorùbá gan-an. Ọmọ tó ń bá ìyá kọ ìwé ní àárọ̀ ní kíbọọ̀dù Yorùbá lórí fóònù rẹ̀, ó ń kọ Oúnjẹ pẹ̀lú àmì. Èyí tó ń gbà á lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ ń kọ Ounje. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú Excel, ẹ̀ka méjì ni, ìlà méjì ló sì fún wọn, gàrí lápá kan, gàrí lápá kejì! Bẹ́ẹ̀ náà ni àlàfo kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ṣe ń bí ẹ̀ka tuntun, èyí sì burú jù, torí ojú kò rí àlàfo: wàá rí Ìpara lẹ́ẹ̀mejì, wàá máa ro pé kọ̀ǹpútà ti ya wèrè. (Ti lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kò da nǹkan kan rú, oúnjẹ àti Oúnjẹ á wọlé síbì kan náà.) Oògùn rẹ̀ ni kí a má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ẹ̀ka mọ́. Yan òpó Ẹ̀ka, lọ sí Data, tẹ Data Validation, yan List ní abẹ́ Allow, kí o kọ orúkọ ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́mà láàárín wọn. Láti ìgbà náà lọ, wọ́n á kàn máa yàn ni. Ṣe bákan náà fún Ọ̀nà.

Lẹ́yìn tí gbogbo ìyẹn tò, oṣù Kejì 2025 jáde báyìí:

| | Alágbàtà | Ṣọ́ọ̀bù | Wasáàpù | Grand Total |
|---|---|---|---|---|
| Ìkòkò | 40,000 | 65,000 | 15,000 | 120,000 |
| Ìpara | 20,000 | 55,000 | 169,500 | 244,500 |
| Oúnjẹ | 310,000 | 240,000 | 90,000 | 640,000 |
| 2025-02 | 370,000 | 360,000 | 274,500 | 1,004,500 |

Bí a bá wo ìlà ìsàlẹ̀ nìkan, ìyá jàre. Wasáàpù ló kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìlà yẹn nìkan ni ó sì ń rò lórí láti ọjọ́ yìí, torí ìwé tó ń kọ tẹ́lẹ̀ kò ya ọjà sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n gbé ojú lọ sí ìlà Ìpara. Láti rí i kedere, fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ nọ́ńbà kan nínú tábìlì, yan Show Values As, kí o yan % of Row Total. Ìlà kọ̀ọ̀kan á di ọgọ́rùn-ún, a ó sì rí bí ọ̀nà mẹ́ta náà ṣe pín in. Ní ìlà Ìpara, wasáàpù gba 69.33%. Nínú náírà mẹ́wàá tí ọṣẹ àti ìpara bá pa, méje ó kù díẹ̀ ni wasáàpù ń gbé wá. Ẹni tó bá pa wasáàpù tì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọjà ìpara náà tì. Oúnjẹ ní tirẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀, 14.06% péré ló ń gba ibẹ̀ wá.

Ẹ má dàrú níbí o: % of Parent Row Total wà lábẹ́ ibẹ̀ náà, ìbéèrè mìíràn ló sì ń dáhùn. Ìyẹn ń béèrè pé nínú owó tó gba wasáàpù wá, mélòó ni ti ìpara? Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 61.75%. Nọ́ńbà méjèèjì jóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọ̀kan dáhùn ìbéèrè èkejì ti ṣìnà. Kí o tó ka nọ́ńbà kankan fún ẹnikẹ́ni, wo apá tí ọgọ́rùn-ún wà.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó ọ̀kadà. Náírà 1,500 ni ìyá ń san fún ọlọ́kadà lórí ọ́dà kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò rẹ̀ lọ báyìí: ó ka ìlà wasáàpù inú ìwé fún oṣù Kejì, ó rí 61, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 1,500, ó gba 91,500. Ó ní ìdá mẹ́ta owó tó wọlé ni ọlọ́kadà ń kó lọ, ta ló máa rí èrè nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀? Ẹ rántí ọ́dà 215. Ìlà méjì ni, ẹ̀ẹ̀kan ni ọ̀kadà sì lọ. Ìlà ni ìyá kà, kì í ṣe ọ́dà.

Count lásán nínú PivotTable máa ń ṣe irú kíkà yẹn gan-an, nítorí náà a ò lè lò ó níbí. Tábìlì kejì ni a máa ṣe. Padà sínú Tita, Insert, PivotTable, ṣùgbọ́n kí o tó tẹ OK lọ́tẹ̀ yìí, fàmì sí «Add this data to the Data Model» nísàlẹ̀ àpótí náà. Tò ó bíi ti àkọ́kọ́, àmọ́ Nọ́ńbà ni kí o wọ́ sí Values. Lọ sí Value Field Settings, wá dé ìparí pátápátá, wàá rí Distinct Count. Ohun tó ń ṣe ni pé bí nọ́ńbà ọ́dà kan bá fara hàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á kà á lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá gbàgbé láti fàmì sí ibi Data Model yẹn, kò ní sí Distinct Count nínú àwọn tó máa jáde, o ò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Excel 2013 sókè lórí Windows ló ní in.

Fún wasáàpù ní oṣù Kejì, ó fún wa ní 33 fún Ìpara, 14 fún Oúnjẹ àti 3 fún Ìkòkò, àròpọ̀ ìsàlẹ̀ sì jẹ́ 38. Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó tì wá pariwo pé kọ̀ǹpútà kò mọ ìṣirò, torí 33 àti 14 àti 3 jẹ́ 50. Kò ṣìṣe. Ọ́dà 215 wà nínú Ìpara, ó tún wà nínú Oúnjẹ, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tí a ti ń ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni. Bí Distinct Count ṣe máa ń rí nìyẹn: àròpọ̀ ìsàlẹ̀ lè kéré ju àwọn tó wà lókè rẹ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ ju wọ́n.

Ọ́dà 38 ní 1,500 jẹ́ 57,000. Ìyẹn kò tó ìdá mẹ́rin nínú 274,500. Ó lé díẹ̀ ní 20%. Ìyàtọ̀ sí ohun tí ìyá ń sọ jẹ́ 34,500 ní oṣù kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, tábìlì yìí kò sọ pé wasáàpù ń mú èrè wá. Owó tó wọlé ló mọ̀. Kò mọ iye tí ìyá ra òrí, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ iye ọ̀kadà, torí a kò kọ wọ́n sínú ìwé náà. Ohun tí kò bá sí nínú òpó, PivotTable kò lè dá a. Èyí ló mú kí a fi òpó kan kún un láti oṣù Kẹrin, kí iye tí a ra ọjà kọ̀ọ̀kan máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí a tà á.

Nígbà tí a fi gbogbo rẹ̀ han ìyá, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, «Ta ló ń ra ìpara yìí tó báyìí?» Ìbéèrè olówò nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nítòsí. Bí o bá tẹ nọ́ńbà kan nínú tábìlì àkópọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, Excel á ṣí ṣíìtì tuntun, á sì kó gbogbo ìlà tó di nọ́ńbà yẹn síbẹ̀. A tẹ 169,500, a mú nọ́ńbà ọ́dà wọn, a lọ fi wé fóònù. Ọ̀pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, tí kì í ráyè wọ ọjà. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀dà lásán ni ṣíìtì yẹn. Bí ẹ bá ṣàtúnṣe sínú rẹ̀, kò kan Tita rárá. Inú Tita ni àtúnṣe ti ń wáyé, Refresh ló sì ń gbé e dé tábìlì àkópọ̀, torí kì í sábà yí padà fúnra rẹ̀. Bí oṣù tuntun bá parí tí ẹ kò tẹ Refresh, àwọn nọ́ńbà ti tẹ́lẹ̀ lẹ lè máa rí, wọ́n á sì dà bí tòótọ́.

Ìyá kò pa wasáàpù tì mọ́. Ìkòkò àti àpò gàrí ni kò gbà kí ọlọ́kadà gbé mọ́, àyàfi bí oníbàárà bá fẹ́ san owó ọ̀kadà fúnra rẹ̀.

Fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà tí kò ní Excel, LibreOffice Calc ní irú rẹ̀ ní Insert, Pivot Table. Row Fields, Column Fields àti Data Fields ni wọ́n pe àwọn àpótí níbẹ̀, ìjókòó wọn kò sì yàtọ̀ sí èyí tí mo ṣàlàyé.